Ìwé Tí Wọ́n Fi Wé Ẹ̀pà

Mo ra ẹ̀pà sísun lẹ́nu géètì yunifásítì wa lọ́jọ́ kan, mo sì ń jẹ ẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀pà tán, mo tú ìwé tí wọ́n fi wé e wò, bí a ṣe máa ń ṣe láti kékeré, kí n lè ka ohun tó wà lára rẹ̀. Orúkọ kọ́ọ̀sì mi ni mo rí. Sílábọ́ọ̀sì tí mo pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni. Ibi tí ìyá ẹlẹ́pà ti lọ́ ìdí ìwé náà pọ̀ ti ya ọ̀sẹ̀ kẹwàá dànù, ṣùgbọ́n ìlà ìsàlẹ̀ ṣì hàn kedere: kúìsì 10, asáímẹ́ǹtì 10, tẹ́sìtì 20, ìdánwò 60.

N kò bá ìyá ẹlẹ́pà jà o. Ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ mi tó lọ tà á fún un ni mo fẹ́ fojú kàn. Ìwé yẹn kò ju ojú ewé méjì lọ, ṣùgbọ́n òun ni àdéhùn tó wà láàárín èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ fún odindi sẹ̀mẹ́sítà: ohun tí a ó kọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà lókè, bí máàkì yóò ṣe pín wà nísàlẹ̀. Sitatísítíkì ni kọ́ọ̀sì náà, ìmọ̀ bí a ṣe ń kó nọ́ńbà jọ nípa ènìyàn, oko, ọjà tàbí àìsàn, tí a ó sì ti ara ìwọ̀nba tí a rí sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ tí a kò rí. Ọmọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú kíláàsì náà, ọmọ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé wà níbẹ̀, ọmọ ìmọ̀ àwùjọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò lọ́jọ́ tí wọ́n jáde nínú gbọ̀ngàn WAEC.

Kọ́ọ̀sì oníyúnììtì mẹ́ta ni. Ní yunifásítì Nàìjíríà, yúnììtì kan dúró fún wákàtí 15 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín sẹ̀mẹ́sítà, nítorí náà wákàtí 45 ni mo ní, mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo sì ń pinnu ohun tí n ó fi wákàtí náà ṣe. Àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì gbé ìlànà tuntun jáde ní 2022, tó fi ìdá 70 nínú 100 ohun tí a ó kọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, tó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe máa tò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti bí a ṣe máa pín máàkì rẹ̀ ni ọgbọ́n olùkọ́ ti ń hàn, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe rẹ̀ ti ń hàn. Mo ti ṣe méjèèjì.

Nígbà tí èsì jáde ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà náà, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, àṣìṣe wà nínú èsì mi. A ló yẹ kí n ní, B ni wọ́n gbé fún mi." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ti ṣe ìṣirò náà síbẹ̀ dáadáa, ó tò ó létòlétò.

Nínú kúìsì, ó gba 7 nínú 10. Nínú asáímẹ́ǹtì, 9.5 nínú 10. Tẹ́sìtì, tí a máàkì lórí 50, ó gba 28. Ìdánwò, tí a máàkì lórí 100, ó gba 59. Ó sọ gbogbo wọn di ìdá ọgọ́rùn-ún: 70, 95, 56, 59. Ó ro wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ 280. Ó pín in sí mẹ́rin, ó di 70 géérégé. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, orí 70 ni A ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìròpọ̀ àti ìpín nìkan ni, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ìka kàn. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọjà. Bí ìyá rẹ bá ra kọ́ńgò ẹ̀wà kan ní ₦3,000 lówùúrọ̀, tó tún rí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ₦2,000 tó sì ra kọ́ńgò mẹ́fà níbẹ̀, èló ló ra kọ́ńgò kan bí a bá pín owó náà dọ́gba? Ó fẹ́ sọ pé ₦2,500, ló bá dákẹ́. Owó tó jáde lápò ìyá rẹ̀ jẹ́ ₦15,000, kọ́ńgò sì jẹ́ méje, nítorí náà nǹkan bí ₦2,143 ni. Owó kékeré ló ra púpọ̀, òun ló sì fa ìpíndọ́gba náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò ṣe rí nínú ìwé ẹ̀pà wa: kọ́ńgò 60 ni, asáímẹ́ǹtì sì jẹ́ kọ́ńgò 10 péré. Máàkì 95 tó fi ń yangàn, kọ́ńgò 10 ló fi rà. Máàkì 59 tó ń tijú rẹ̀, kọ́ńgò 60 ló fi rà.

A jọ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo kọ ìwúwo sí ìlà kìíní láti B1 dé E1 (0.10, 0.10, 0.20, 0.60), ó kọ máàkì rẹ̀ sí ìlà kejì lábẹ́ wọn, a sì tẹ èyí:

```
=SUMPRODUCT(B2:E2,B1:E1)
```

Kọ̀ǹpútà sọ máàkì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìwúwo tó wà lókè rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 7, 9.5, 11.2 àti 35.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 63.1. B ni. Bí mo bá kọ AVERAGE níbẹ̀ dípò èyí, 70 tirẹ̀ ni yóò jáde, nítorí AVERAGE máa ń wo gbogbo nọ́ńbà bí ìbejì. Àwọn kan tún máa ń ṣe èyí tó burú jùyẹn lọ: wọ́n á gbé 59 tí wọ́n rí nínú ìdánwò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ 27.7 tí wọ́n ti kó jọ ṣáájú ìdánwò, wọ́n á ní àwọn ní 86.7. Orí 100 ni 59 yẹn jókòó sí, kò tíì sọ̀kalẹ̀ sórí 60. Bí ènìyàn bá rí àpapọ̀ tó ga tó báyìí lọ́wọ́ ẹni tí kò gba 60 nínú ìdánwò, kò pọn dandan kó tún wo ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ń kọ́ wọn ní ìpíndọ́gba oníwúwo yìí. Ìwúwo máàkì tiwọn gan-an ló yẹ kí n máa fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó oṣù òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí kò sí níbì kankan ni mo ń fi ṣe é, bó ṣe wà nínú ìwé tí èmi náà fi kẹ́kọ̀ọ́.

Kí ẹ má rò pé ọmọ náà nìkan ló ka ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ní àkàṣì. Èmi tí mo kọ ọ́ náà kà á ní àkàṣì, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló sì tú àṣírí mi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni a ń kọ́ ìfọ́nká. Ìpíndọ́gba ń sọ ibi tí àárín àwọn nọ́ńbà wà, ìfọ́nká ń sọ bí wọ́n ṣe jìnnà sí àárín náà tó. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Nínú asáímẹ́ǹtì, wọ́n gba 8, 9, 9, 9 àti 10. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 9. Ẹni kìíní fi máàkì kan rẹlẹ̀ sí i, ẹni ìkẹyìn fi máàkì kan ga jù ú, àwọn yòókù wà lórí rẹ̀ gan-an. A ó sọ ìjìnnà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí àmì ìyọkúrò lè kúrò, a ó rò ó pọ̀, ó di 2. A ó pín 2 yìí sí 4, ìyẹn iye akẹ́kọ̀ọ́ tí a yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, ó di 0.5. Nọ́ńbà tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tó máa fún wa ní 0.5 jẹ́ nǹkan bí 0.71. Ìfọ́nká asáímẹ́ǹtì nìyẹn.

Àwọn márùn-ún kan náà ṣe tẹ́sìtì lórí 20, wọ́n gba 4, 8, 12, 16 àti 20. Ìpíndọ́gba jẹ́ 12. Bí a bá gba ọ̀nà kan náà, àpapọ̀ jẹ́ 160, a pín in sí 4, ó di 40, ìfọ́nká rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 6.32.

Nínú ìwé mi, tẹ́sìtì wúwo ní ìlọ́po méjì asáímẹ́ǹtì, 20 sí 10. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó máa ṣíwájú nínú àwọn márùn-ún yìí, tẹ́sìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára ju asáímẹ́ǹtì lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹni tó ní 8 nínú asáímẹ́ǹtì àti ẹni tó ní 10, máàkì méjì péré ló wà láàárín wọn. Ẹni tó ní 4 nínú tẹ́sìtì àti ẹni tó ní 20, máàkì 16 ni. Asáímẹ́ǹtì tí gbogbo ènìyàn gba 9 kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹ̀bùn máàkì 9 ni fún gbogbo kíláàsì, bí olùkọ́ bá sì kọ ìwúwo 30 sí i lára, ẹ̀bùn náà yóò kàn pọ̀ sí i ni.

Ìdí tí asáímẹ́ǹtì fi máa ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni kan nínú kíláàsì ló ń ṣe é, ogójì ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Mo ti rí àṣìṣe kan náà, ìlà kan náà, àmì ìdọ́gba tí wọ́n gbàgbé síbì kan náà, nínú ìwé mẹ́tàdínlógún. Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí ń ṣẹlẹ̀ sí òun, kó wá ìfọ́nká máàkì asáímẹ́ǹtì rẹ̀, kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́sìtì lẹ́yìn tó bá ti gbé méjèèjì lé orí 100. Bí ti asáímẹ́ǹtì bá kéré gan-an, tí ẹni tó ṣe dáadáa níbẹ̀ kò sì ṣe dáadáa ní tẹ́sìtì, àdàkọ ló ń máàkì. Ní tèmi o, mo ti dín asáímẹ́ǹtì kù sí 5, mo gbé 5 tó kù lọ síbi kúìsì tí wọ́n ń ṣe lójú mi ní ìṣẹ́jú 15. Kúìsì mẹ́fà ni, márùn-ún tó dára jù ni mo ń kà, kí ẹni tí ọkọ̀ já kalẹ̀ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan má bàa pàdánù.

Ohun kan wà tí kò sí nínú máàkì rárá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń fi kún un: wíwá sí kíláàsì. Òfin wa ni pé ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100 kò gbọ́dọ̀ jókòó fún ìdánwò. Nínú wákàtí 45, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 34. Kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì kankan, ọ̀nà ló kàn ń ṣí tàbí dí.

Òkè ìwé náà wá ńkọ́, níbi tí àwọn ọ̀sẹ̀ wà? Ọ̀sẹ̀ kìíní kò le: kí ni dátà, èwo ni a lè kà, èwo ni a lè wọ̀n, èwo ló kàn jẹ́ orúkọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta jẹ́ tábìlì àti àwòrán. Èyí tó wà láàárín wọn ni mo máa ń rọra ṣe, nítorí ibẹ̀ la ti ń kọ́ bí a ṣe ń yan àwọn tí a ó bi léèrè ọ̀rọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo àìdára yíyàn sàn.

Ìtàn ìwé ìròyìn Literary Digest ti Amẹ́ríkà ni mo ń sọ fún wọn. Ní 1936, nígbà tí Franklin Roosevelt àti Alf Landon ń du ipò ààrẹ, ìwé ìròyìn náà fi káàdì ìbò ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn. Iye tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló dá a padà. Wọ́n kà á, wọ́n ní Landon ni yóò wọlé. Landon jẹ ìpínlẹ̀ méjì péré nínú 48. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní ọkọ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì wọn, ní àkókò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó rí jájẹ ló ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì gbìyànjú láti dá káàdì padà kì í ṣe irú ènìyàn kan náà pẹ̀lú àwọn tó jù ú sápá kan. Lọ́dún kan náà, George Gallup bi ìwọ̀nba ènìyàn tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye yẹn, ṣùgbọ́n ó yàn wọ́n kí wọ́n lè jọ ìlú, ó sì mọ ẹni tó máa wọlé. Bí a bá kó mílíọ̀nù méjì ènìyàn jọ láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà la ṣì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ jẹ́ ti ìṣeéṣe, tẹ́sìtì sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ keje. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni gíráàfù tó dà bí agogo tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí àárín rẹ̀ ga tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì rọra lọọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ kẹwàá dé, èyí tí ìyá ẹlẹ́pà ya.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún mi nínú 15, òun ni n ó mú. Mo máa ń ra dáìsì lúdò lọ́pọ̀lọpọ̀ lọ́jà, n ó sì pín ọ̀kan fún ènìyàn méjì méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, kí kálukú da dáìsì lẹ́ẹ̀kan, kó wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sójú bọ́ọ̀dù lórí nọ́ńbà tó jáde, láti 1 dé 6. Ohun tó máa hàn dà bí ògiri: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti òpin kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da á lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n wá ìpíndọ́gba, kí wọ́n wá sàmì sí i. Ògiri náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn láàárín. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n da á lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ariwo máa ń sọ nígbà yẹn, nítorí agogo ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ti yọ sójú bọ́ọ̀dù láìsí ẹni tó yà á. Kò sì sí agogo kankan nínú dáìsì fúnra rẹ̀.

Ìpíndọ́gba dáìsì jẹ́ 3.5, ìfọ́nká rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.71. Nígbà tí a bá ń wá ìpíndọ́gba ìdà mẹ́rin, ìfọ́nká àwọn ìpíndọ́gba náà máa ń di nǹkan bí 0.85. Ti ìdà 16 jẹ́ nǹkan bí 0.43. Ẹ wò ó dáadáa: a sọ ìdà di ìlọ́po mẹ́rin, ìfọ́nká dín kù sí ìdajì. A tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó tún di ìdajì. Èyí ló dé tí ẹni tó bi 400 ènìyàn léèrè ẹni tí wọ́n máa dìbò fún fi gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 sílẹ̀ fún àṣìṣe sọ́tùn-ún àti sósì. Bó bá fẹ́ dín in kù sí ìdajì, 800 kò tó, 1,600 ni yóò lọ bá. Olówó tó ń san owó ìwádìí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ọ̀sẹ̀ yìí ló sì máa ń fara gbá bí sẹ̀mẹ́sítà bá kúrú. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ lè wà, tàbí kí ìforúkọsílẹ̀ falẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ 15 wá di mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Olùkọ́ á wo ìwé, á ní dáìsì ń gba àkókò, á fò ó, á sáré lọ sí ọ̀sẹ̀ kejìlá níbi tí a ti ń dán àbá wò. Ìwé máàkì kì í fi ìpàdánù náà hàn, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ lè há fọ́múlà sórí kó sì gbà á dáadáa. Ẹnu la fi ń mọ̀ ọ́n.

Bí àpẹẹrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ kan ń jẹ ọ́ ní lúdò ṣáá, o sì fura sí dáìsì rẹ̀. O da á ní ìgbà 60, mẹ́fà jáde ní ìgbà 18. Nínú dáìsì tó dáa, nǹkan bí ìgbà 10 ni à ń retí, ìfọ́nká iye yẹn sì jẹ́ nǹkan bí 2.9. Méjìdínlógún fi mẹ́jọ ju mẹ́wàá lọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìfọ́nká mẹ́ta. Bí dáìsì náà bá dáa, irú èyí tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 2 nínú 100. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní p. N ó wá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni p ń sọ. Ẹni tí a fo dáìsì fún á ní, "Ìṣeéṣe pé dáìsì náà dáa ni, mà." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ti gbà fún un tẹ́lẹ̀ pé dáìsì náà dáa, ká tó ṣe ìṣirò rárá. Bí ohun tí a rí yóò ṣe ṣọ̀wọ́n tó nínú ayé tí dáìsì ti dáa ni p ń sọ. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da dáìsì mẹ́rìndínlógún tó sì ti rí bí ìpíndọ́gba ṣe ń rọ̀ mọ́ 3.5 kì í pẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹni tí kò ṣe é á kàn máa sọ pé "tó bá kéré sí 0.05, a kọ̀ ọ́," bí ẹni ń pe ọfọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni ìwọ̀n tí a fi ń fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá sì jẹ́ ti nǹkan méjì tó ń bá ara wọn rìn, bí òjò àti èso oko. William Gosset máa ń yọjú lọ́sẹ̀ kọkànlá. Ilé ọtí Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì máa ń rí wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó nílò ọ̀nà tí kò ní parọ́ fún un bí nọ́ńbà bá kéré. Ní 1908, ó tẹ ọ̀nà náà jáde, "Student" ló sì kọ síbẹ̀ dípò orúkọ ara rẹ̀. Títí di òní, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe tábìlì t tó wà lẹ́yìn ìwé ìdánwò wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rò pé àwọn ni wọ́n ń bá wí.

Mo tún rí ihò mìíràn nínú ìwé mi. Ìdánwò mi máa ń sọ pé kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nínú méje, bí ọ̀pọ̀ ìdánwò wa ṣe rí. Mẹ́rin nínú méje náà ti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sẹ́yìn wá. Ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gba gbogbo 60 láìmọ nǹkan kan nípa ọ̀sẹ̀ kẹwàá títí dé ìkẹrìnlá. Ìwé ìdáhùn ló là mí lójú: mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kẹfà àti ìkeje mọ́ lóló nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ẹni tó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Èmi tí mo ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni ọkàn kọ́ọ̀sì, òdo ni mo kọ sí i ní ìwúwo láìmọ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè méjì nínú mẹ́rin jẹ́ dandan, láti ọ̀sẹ̀ kẹwàá sókè ni méjèèjì sì ti ń wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kùn sí i. Ọ̀gá kan lẹ́ka wa náà kùn sí i, ó ní iye àwọn tó máa fìdí rẹmi yóò pọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́.

Ọmọbìnrin tó wá bá mi kò jiyàn mọ́ nígbà tí 63.1 jáde. Ó béèrè ohun tí ẹnì kan kò tíì bi mí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni: "Mà, èló ló yẹ kí n gbà nínú ìdánwò kí A tó jáde?" A yọ 27.7 kúrò nínú 70, ó ku 42.3. Lórí 60 nìyẹn, tí a bá gbé e lé orí 100, 70.5 ni. Ó ti mọ 27.7 yẹn lọ́sẹ̀ méjì kó tó jókòó fún ìdánwò. Ó ní ká wo ti C náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúlò fún un mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wa ń bẹ̀rẹ̀ C lórí 50, nítorí náà 22.3 nínú 60, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 37 nínú 100. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó bẹ̀ mí kí n fún òun ní sílábọ́ọ̀sì náà, pé àbúrò òun ń bọ̀ wá ṣe kọ́ọ̀sì yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ti òun sì ti sọnù. Èyí tó wà nítòsí lórí tábìlì mi ni mo nà sí i. Ó ṣí i, èèpo ẹ̀pà kan já bọ́ sílẹ̀ láti inú ìṣẹ́po rẹ̀, ó sì gbé e sókè sí iná láti wo ibi tí ọ̀sẹ̀ kẹwàá ti ya.